Ábítíráàjì: ibi tí orúkọ ẹ̀ ti wá, àti ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní èrè tí ò ní ewu

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ alájàpá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lọ ra gààrì lóko, tó kó o sínú ọkọ̀, tó wá tà á l'Ékòó, ó ra níbi tó ti pọ̀, ó tà níbi tó ti wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì sọ pé ábítíráàjì nìyẹn. Rárá o. Ọkọ̀ lè takú lọ́nà, òjò lè pa gààrì, kí ìyá náà sì tó dé Mile 12 ọjà lè ti kún débi pé iye tó fi rà gan-an ni wọ́n á máa dá a lé. Láàárín ìgbà tó rà àtìgbà tó tà ni gbogbo ewu yẹn wà. Ábítíráàjì ni òwò tí wọ́n ti yọ àárín yẹn kúrò: bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ kan rà lẹ ń fọwọ́ kejì tà, nǹkan kan náà, níbi méjì, lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúkọ yẹn ò tiẹ̀ bá owó wá sáyé. Lédè Látíìnì, "arbiter" ni ẹni tó ń làjà, tó ń dájọ́ láàárín èèyàn méjì, àwọn Faransé wá ń pe ìdájọ́ onílàjà ní "arbitrage". Ọdún 1704 ni Faransé kan, Mathieu de la Porte, ṣàlàyé ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ òwò nínú ìwé tó kọ fáwọn oníṣòwò. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé oníṣòwò á gbé iye pàṣípààrọ̀ ìlú yìí àti tìlú yẹn yẹ̀ wò, á wá dájọ́ ibi tó máa dáa jù láti gba ìwé owó àti ibi tó máa dáa jù láti san án.

Ìwé owó yìí ṣe pàtàkì torí inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó jẹ gbèsè sílùú míì ò ní í di wúrà sáàpò kó máa gbé e kiri kí olè má baà dá a lọ́nà, ńṣe ló máa ra ìwé kan tó ń sọ fún ẹnì kan nílùú ọ̀hún pé kó san iye báyìí fún lágbájá. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tí wọ́n ń ta ìwé ìlú míì. Ká wò ó báyìí, iye tí màá lò kàn wà fún ìṣirò ni o: oníṣòwò kan ní Áńsítádáàmù jẹ 1,000 pọ́ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, gílídà 11, owó ìlú tiẹ̀, ni wọ́n ń ta pọ́ùn kan lọ́dọ̀ ẹ̀, tó bá rà á tààrà ó di 11,000 gílídà. Àmọ́ ó ti gbọ́ pé ní Párísì lífà 21, owó àwọn Faransé, ni pọ́ùn kan, àbọ̀ gílídà sì ni wọ́n ń ta lífà kan ní Áńsítádáàmù. Tó bá gba Párísì kọjá, lífà 21,000 ló máa rà, 10,500 gílídà nìyẹn, á wá fi ra pọ́ùn ẹ̀ níbẹ̀. Gílídà 500 ti kù sí i lọ́wọ́, kó kàn yọ owó alágbàtà kúrò. Ìdájọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ṣùgbọ́n ewu ṣì wà ńbẹ̀ o. Lẹ́tà ló sọ iye ti Párísì fún un, ẹsẹ̀ ẹṣin ló gbé lẹ́tà yẹn wá, kí ìwé tiẹ̀ náà sì tó débẹ̀ pọ́ùn lè ti gun 23. Alájàpá ṣì ni, bébà ló kàn fi rọ́pò gààrì.

Wáyà tó ń gbé ìròyìn ló tú ọ̀rọ̀ yìí ká. Ṣáájú 1866, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé iye ọjà láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Niu Yọ́ọ̀kì, ó sì máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1866 wọ́n rí wáyà tó dúró dáadáa tẹ́ sísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, iye ọjà wá ń dé lọ́jọ́ kan náà. Àlàfo tó máa ń wà láàárín iye nǹkan kan náà nílùú méjèèjì sún kì, torí kò ní í pẹ́ tí yóò là táwọn èèyàn á fi ti rí i, wọ́n á rà níbi tó rọjú, wọ́n á tà níbi tó wọ́n, títí iye méjèèjì á fi pàdé. Títí dòní, àwọn tó ń ta owó ṣì ń pe pọ́ùn sí dọ́là ní "cable", orúkọ wáyà yẹn náà ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ "kò ní ewu" yẹn wá ńkọ́? Ká ní ibì kan ń ta dọ́là ní 1,500 náírà, ibòmíì ń rà á ní 1,530. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ ò ní í rà tán kẹ́ ẹ tó máa sáré gbé e lọ síbi kejì. Ẹ ti ní 1,500,000 náírà nílẹ̀ níbi àkọ́kọ́, ẹ sì ti ní 1,000 dọ́là nílẹ̀ níbi kejì. Ẹ ra 1,000 níbí, ẹ ta 1,000 lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀kan náà. Dọ́là yín ṣì jẹ́ 1,000 gẹ́lẹ́, ó kàn ṣí ipò ni, náírà yín ti di 1,530,000. Bí dọ́là bá já sí 1,400 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kò kan 30,000 yẹn, torí iye tí wọ́n rà á àti iye tí wọ́n tà á ti so pọ̀. Ìtumọ̀ "kò ní ewu" ò ju báyẹn lọ: ibi yòówù kí ọjà kọjú sí, èrè yẹn ti wọlé. Tí owó iṣẹ́ bá jẹ́ náírà 5 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ rà àti nígbà tẹ́ ẹ tà, 20,000 ló kù, tó bá sì lé ní náírà 15 níbi kọ̀ọ̀kan, àdánù ni.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí ọ̀kan nínú rírà àti títà wọlé kí èkejì má wọlé. Ẹ ti rà, nẹ́tíwọ̀kì wá lọ, tàbí ẹni tó fẹ́ rà lọ́hùn-ún ò sanwó mọ́, dọ́là sì ń jábọ́. Lójú ẹsẹ̀ yẹn ẹ ti padà di alájàpá. Ẹ lè fi mọ ayédèrú náà: ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá, òun máa fi ṣe ábítíráàjì, òun á máa san iye kan pàtó lóṣù, ẹ ní kó fi ibi tó ti rà àti ibi tó ti tà hàn yín, pẹ̀lú aago tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá rí i fi hàn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Oríṣi kan tún wà tí wọ́n ń fi orúkọ yìí pè, èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn torí ọlọ́gbọ́n èèyàn ló kó sí i. Láti 1907 ni ilé-iṣẹ́ Royal Dutch àti Shell ti jọ ń pín èrè, 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún Royal Dutch, 40 fún Shell. Ó yẹ kí iye ṣíà wọn máa tẹ̀ lé ìpín yẹn, àmọ́ ní 1997 ti Royal Dutch wọ́n jù bó ṣe yẹ lọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ LTCM ní Amẹ́ríkà, táwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún yẹn, Robert Merton àti Myron Scholes, wà nínú ẹ̀, ra ṣíà Shell, wọ́n yá ti Royal Dutch tà, wọ́n jókòó de ìgbà tí àlàfo náà máa pa dé. Ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà: ṣíà kan náà kọ́ ni méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè fi ṣíà Shell gba ti Royal Dutch. Dídúró ni wọ́n ń dúró, owó tí wọ́n yá ni wọ́n sì fi ń dúró. Lóṣù kẹjọ 1998 Rọ́ṣíà ní òun ò san gbèsè mọ́, ẹ̀rù ba gbogbo ọjà, àlàfo tó yẹ kó sún kì wá ń fẹ̀ sí i, àwọn tó yá wọn lówó ń béèrè owó. Oṣù kẹsàn-án ni báńkì mẹ́rìnlá kó bílíọ̀nù 3.6 dọ́là jọ kí ilé-iṣẹ́ náà má baà wó lu ọjà.

Lọ́dún 2005 ni Royal Dutch àti Shell di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, àlàfo náà sì pa dé pátápátá. LTCM ti kógbá sílé kó tó dìgbà yẹn.