Ọmọ kíláàsì wa àtijọ́ dédé ń kí mi lórí Wasáàpù: kí ló ń wá?

Nígbà tí CBEX, òwò èlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, wó lulẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn há síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ pé ẹni táwọn mọ̀ ló mú àwọn wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn òǹkàwé wa bí ẹni tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé bá ti kí wọn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wa nìyí.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá kí mi lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ló ń wá nǹkan?

Rárá o. Ẹlòmíràn rí fọ́tò yín nínú gúrúùpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ó rántí bẹ́ ẹ ṣe jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, àárò yín sì sọ ọ́. Ẹlòmíràn fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀, ó ń pe èèyàn jọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun gan-an ló ń bá mi sọ̀rọ̀?

Ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má pè é lórí Wasáàpù. Orí láìnì rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ pè é sí, bí a ṣe ń pe èèyàn kí Wasáàpù tó dé. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó bá gba Wasáàpù mọ́ ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ lè gbé ìpè Wasáàpù, ó sì lè pe ẹ̀yin náà níbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n síìmù ṣì wà nínú fóònù ọ̀rẹ́ yín. Bẹ́ ẹ bá pe nọ́ńbà náà, ọ̀rẹ́ yín ló máa gbé e, ẹnu rẹ̀ lẹ ó sì ti gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta rèé tí òun ò ti ráyè wọ Wasáàpù òun.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tuntun ló fi kí yín, tó ní fóònù tàtijọ́ ti sọnù, ẹ pe ti àtijọ́ náà kẹ́ ẹ tó gbà. Bí kò bá wọlé, ẹ bi ọmọ kíláàsì mìíràn bóyá ó ti gbọ́ nọ́ńbà tuntun yìí láti ẹnu onítọ̀hún. Ti Fesibúùkù yàtọ̀ díẹ̀: bẹ́ ẹ bá ti jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó tún ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gba òun lọ́rẹ̀ẹ́, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun náà wò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà ni gbogbo fọ́tò ibẹ̀ gorí ẹ̀, ẹnì kan ló kó wọn síbẹ̀.

Ó mọ orúkọ ìnagijẹ mi, ó sì mọ orúkọ tíṣà ìṣirò wa. Ṣé ìyẹn ò tó?

Kò tó. Bí gbájúẹ̀ bá ti wọ Wasáàpù ẹnì kan, ó ń rí gúrúùpù ilé ìwé, ibẹ̀ sì ni gbogbo wa ti ń pe ara wa lórúkọ ìnagijẹ, tí a ń ṣèrántí tíṣà. Ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni èyí tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kọ síbì kankan rí: ta ló ń bá a gbé omi lọ́jọ́ tí garawa fọ́? Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ti ní "Ṣé o rántí Kúnlé tó bá ọ gbé omi?", ẹ ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu.

Òun ni lóòótọ́, ọ̀yàyà rẹ̀ sì pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń fẹ́?

Ọ̀yàyà kò lè sọ fún yín. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ yín ń ṣọ̀yàyà, ẹni tó ń wá èèyàn mú wọ inú òwò èlé náà ń ṣọ̀yàyà. Ibi tí ìbéèrè rẹ̀ ń darí sí ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣàpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní: "Ọ̀rẹ́ mi àtàtà! Ọmọ ti di mélòó?" Kò sí aburú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì: "Iṣẹ́ aṣọ rírán yẹn, ṣé ó ń mówó wọlé báyìí? Ṣé o máa ń rí nǹkan tọ́jú?" Ẹ dúró síbí. Ó ti ń wọn bí owó ọwọ́ rẹ̀ ṣe tó. Kò bi í nípa ọmọ tó dárúkọ lánàá mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ló fi fọ́tò owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní: "Nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́ ni mo ṣe ń sọ fún ọ. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ o."

Kí aránṣọ yìí tètè sọ fún un pé: "Mi ò lówó kankan tí mo lè yọ lọ́dún yìí. Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn le?" Lẹ́yìn náà kó máa wò ó. Ẹni tó bá wá nítorí rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà á tún kí i. Ẹni tó bá wá nítorí owó máa ní kó yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájọṣe, tàbí kó dákẹ́ lọ gbére.

Síbẹ̀, ẹ má yára pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lólè. Irú òwò bẹ́ẹ̀ máa ń fún ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wọlé ní ẹ̀bùn, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n sì fi ń san ti àwọn tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì kó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Owó tirẹ̀ náà sì lè ti há, kó jẹ́ pé wọ́n ní kó tún san owó sí i kó tó lè rí i gbà, bí CBEX ṣe ní káwọn èèyàn san ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí igba. Ẹ bi í pé: kí ni wọ́n ń tà gan-an? Ṣé orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òwò ìdókòwò? Ẹ fúnra yín lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé SEC, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù kì í ṣe ẹ̀rí.

Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣèèṣì wá sórí fóònù mi, kí n bá òun fi ránṣẹ́.

Ẹ má fi ránṣẹ́ láé. Kọ́kọ́rọ́ Wasáàpù tiyín nìyẹn.

Mo ti fi í ránṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọ Wasáàpù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà mẹ́fà tuntun máa wá sórí síìmù yín; bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè yẹn ti jáde nìyẹn. Bó bá ti gbé PIN tirẹ̀ sí i, ẹ ó ní láti dúró fún ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó lè wọlé, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Láàárín àkókò yẹn, ẹ fi fóònù pe àwọn èèyàn yín, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kẹ́ ẹ gbé PIN yín sí i.

Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ pe báǹkì yín báyìí báyìí, kẹ́ ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ sọ nọ́ńbà àkáǹtì tẹ́ ẹ sanwó sí, iye rẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ san án. Bó bá ṣì wà nínú àkáǹtì yẹn, wọ́n lè dì í mú. Bí wọ́n bá ti fà á yọ, ó ṣòro láti rí i gbà.

Bó bá jẹ́ pé ìṣòro ló ní lóòótọ́, tó fẹ́ yáwó?

Ẹ pè é lórí láìnì, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tó fún yín, orúkọ tó bá jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Bó bá ní ti ẹlòmíràn ni, kó sọ ìdí rẹ̀ fún yín nígbà tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ owó ilé ìwòsàn ni, ẹ gba àkáǹtì ilé ìwòsàn náà, kẹ́ ẹ sì san án síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní iye tí kò ní dùn yín bí kò bá padà. Bẹ́ ẹ kò bá sì ní, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀, kó lè tètè wá ẹlòmíràn bẹ̀.