Bọ́tìnnì tó wà lára awọ

Àbúrò ìyá mi ń ṣe gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ, ó jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ kan láti òwúrọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ìdí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ti lé ròrò. Ó na ọwọ́ sí mi: “Ìwọ tíṣà, awọ ò bẹ́, omi kún abẹ́ rẹ̀. Ibo ló gbà wọlé?”

Sẹ́ẹ̀lì lórí sẹ́ẹ̀lì ni awọ òkè. Ohun tó dè wọ́n mọ́ra ni dẹ́sìmósóòmù, tó dà bí bọ́tìnnì aṣọ ọmọdé tí à ń tẹ̀ pọ̀: ìlàjì wà lára sẹ́ẹ̀lì yìí, ìlàjì lára ìkejì. Nínú sẹ́ẹ̀lì, òwú líle kan tó ń jẹ́ kẹ́rátíìnì di bọ́tìnnì náà mú, kí gbogbo awọ lè pín ìfà náà jẹ. Ẹ̀kù ọ̀bẹ ń fa awọ òkè, egungun ò jẹ́ kí ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, ni sẹ́ẹ̀lì àárín bá fà ya. Omi ara wá ń sun láti ìsàlẹ̀ sínú àlàfo náà. Kì í ṣe bọ́tìnnì ló tú níbẹ̀, aṣọ ló ya.

Àìsàn kan wà tí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ń tú: pẹ́mfígọ́ọ̀sì. Èròjà tí ara ń ṣe láti fi bá àrùn jà á ṣìnà, á dojú kọ purotéènì dẹ́sìmósóòmù. Sẹ́ẹ̀lì ò ya, ṣùgbọ́n ó já kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀. Egbò ẹnu ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ara á máa lé ròrò láìṣe iṣẹ́ kankan. Bí dókítà bá fi ìka ra awọ tó wà nítòsí ibẹ̀, awọ náà lè ṣí. Ìpara ọjà ò kan èyí o, ilé ìwòsàn ni. Dẹ́sìmósóòmù pọ̀ nínú iṣan ọkàn náà, torí ọkàn ò sinmi fífà.

Bọ́tìnnì ò lè dí omi, àlàfo wà láàárín wọn. Nínú ìfun, ìsopọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ táìtì jọ́ńṣọ̀n ló ń dí i: ó yí sẹ́ẹ̀lì ká bí ìgbànú, lápá ibi tó kọjú sí oúnjẹ. Ìkókóré tí a jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó bá dà tán, inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì ṣà á. Ti ìfun kékeré ṣì ń jẹ́ kí omi àti iyọ̀ díẹ̀ yọ́ gba àárín wọn kọjá. Ti àpò ìtọ̀ ò gbà rárá, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ìtọ̀ padà sínú ara.

Ìsopọ̀ kẹta, gáàpù jọ́ńṣọ̀n, ní tirẹ̀, ihò ni láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì. Ègé purotéènì mẹ́fà láti ara sẹ́ẹ̀lì kan pàdé mẹ́fà láti ara ìkejì, wọ́n di páìpù tín-ín-rín. Iyọ̀ àtàwọn èròjà kéékèèké ń gbà á, purotéènì ò gbà á. Òun ló ń mú kí iṣan ọkàn sún kì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú iṣan ilé ọmọ, ó ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù oyún, kálukú ń sún kì fúnra rẹ̀. Bí ìrọbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á pọ̀ sí i gidigidi, ìsúnkì tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan á sì ran gbogbo ilé ọmọ.