"Ẹ sáà sọ̀rọ̀ sókè fún un": ìmọ̀ràn tí kì í ran ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lọ́wọ́ ní kíláàsì

Tí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa bá wọ kíláàsì, nǹkan tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún tíṣà ni pé kó gbé e síwájú, kó sì máa pariwo. Tó bá tún lọ jẹ́ pé ọmọ náà ní ẹ̀rọ ìgbọ́ran létí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lẹ́nu òbí ni o, lẹ́nu ọ̀gá ilé ìwé ni o, ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ, torí ọmọ yẹn ló ń jìyà ẹ̀, wọ́n á ní olórí kunkun ni.

Ibi tó ti ń da gbogbo wa rú rèé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí etí wọn dín kù ṣì ń gbọ́ ìró tó nípọn, ìró tó tínrín ni kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn fáwẹ̀lì bí a, o àti u, àti bí ohùn wa ṣe ń lọ sókè sódò nínú Yorùbá, inú èyí tó nípọn ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n s, f, ṣ àti t tínrín, wọn ò sì lágbára. Ìdí nìyẹn tí ìyá ẹ̀ á fi pè é láti kíṣìnì, "wá jẹun!", tó máa dáhùn, ìyá á wá búra pé kò sí nǹkan tó ṣe etí ọmọ òun. Ó dé kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, s tó ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé nǹkan ju ẹyọ kan lọ ò tiẹ̀ dé etí ẹ̀ rárá, òun náà ò sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Tí tíṣà bá wá pariwo, fáwẹ̀lì ló máa pọ̀ sí i jù, s àti f ò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà. Ó dà bí ìgbà tí rédíò ò mú ibùdó dáadáa tí ẹ wá ń yí fólúùmù sókè. Ẹnu tíṣà á tún fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ọmọ tó ń wo ètè ò ní rí i kà mọ́. Ètè gan-an ò tó gbára lé, torí "bàbá" àti "màmá" ò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń wò wọ́n, kò sì sí bí ojú ṣe máa rí ohun tó ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ etí náà ní ààlà tiẹ̀. Láàárín mítà kan sí méjì ló ti ń ṣe dáadáa jù. Tí jíjìnnà tíṣà bá di ìlọ́po méjì, ohùn ẹ̀ á fi bíi dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́fà, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìró, wálẹ̀, àmọ́ ariwo kíláàsì kejì àti ti òjò lórí páànù ò ní dín kù, ẹ̀rọ yẹn á sì gbé gbogbo ẹ̀ pọ̀ wọlé.

Ká mú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì Pírámárì 5, bí omi ṣe ń di ooru tó sì tún ń padà di omi. Bí a ṣe sábà ń ṣe é ni pé tíṣà á máa pe nóòtì, àwọn ọmọ á máa kọ. Ojú méjì lọmọ yìí ní, tó bá wo ìwé, kò rí ẹnu tíṣà, tó bá wo ẹnu, kò lè kọ̀wé. Nítorí náà ẹ kọ nóòtì sí bọ́ọ̀dù, tàbí kẹ́ ẹ fún un nínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun sókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àwo tútù sórí kẹ́tùlù tó ń hó, ẹ jẹ́ kó wò ó tán, ẹ wá kọjú sí i kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe kẹ́yìn sí fèrèsé, torí ojú yín á ṣókùnkùn. Tẹ́ ẹ bá ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, ẹ dákẹ́. Tí ọmọ kan bá dáhùn láti ẹ̀yìn, ẹ nawọ́ sí i, kẹ́ ẹ tún ohun tó sọ sọ.

Ẹ má bi í pé "ṣé o gbọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ bi í pé, "Níbo lomi tó wà lábẹ́ àwo yìí ti wá?" Tó bá ní wọ́n da omi sí i ni, ẹ ti mọ̀ pé àlàyé yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Mi ò sọ pé èyí máa tó fún gbogbo ọmọ o. Ẹni tí etí ẹ̀ ti di pátápátá lè nílò èdè àwọn adití àti ẹni tó máa túmọ̀ fún un, ìjókòó iwájú ò lè rọ́pò ìyẹn. Àmọ́ fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, ẹ fi ìwé bo ẹnu láràárọ̀, kẹ́ ẹ pe ìró mẹ́fà tí Daniel Ling, onímọ̀ nípa kíkọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn, ṣà jọ: m, u, a, i, ṣ, s, kó máa pè é tẹ̀ lé yín. Tó bá ń pe s lánàá tí kò wá pè é lónìí, ẹ wo bátìrì, kẹ́ ẹ wo bóyá ìdọ̀tí etí ti dí ihò ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí bátìrì ẹ̀ ti kú, ńṣe ló ń dí etí. Tí méjèèjì bá dáa tí kò ṣì gbọ́ ọ, tàbí tí etí bá ń ṣọyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má dúró de ìgbà tí ilé ìwé máa gba ọlidé.