Ṣé ohùn tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ tó ń gbé jáde?

Ká mú ìsọ̀ aláàdìrẹ kan ní Òṣogbo bí àpẹẹrẹ. Ìlú Aró là ń pe Òṣogbo, ẹni tó bá sì ra àdìrẹ níbẹ̀ ń retí pé kí ẹni tó ń tà á mọ ohun tó ń tà. Ìsọ̀ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn òun, ìyẹn ìwà tó fẹ́ kó máa hàn nínú ọ̀rọ̀ òun, ni ọ̀wọ̀, òótọ́ àti sùúrù. Láàárín ọdún kan, wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ 240 jáde lórí Fesibúùkù. Kò sẹ́ni tó máa ka gbogbo rẹ̀ tinútinú, nítorí náà 40 ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò.

Kí wọ́n tó ka ẹyọ kan, ohùn náà gbọ́dọ̀ di ohun tí ojú lè rí. Ọ̀wọ̀ rọrùn lédè Yorùbá: ṣé “ẹ” ni wọ́n fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀ àbí “o”, ṣé wọ́n sì kí i kí wọ́n tó wọnú ọ̀rọ̀? Òótọ́ ni pé kí ìsọ̀ sọ bí nǹkan ṣe rí láìfi bò, kódà kó fúnra rẹ̀ sọ àléébù ọjà kí ẹnikẹ́ni tó bi í, bíi pé aró yóò ṣí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ aṣọ náà. Sùúrù ló le jù, a ó padà sí i. Máàkì 2 ni fún èyí tó hàn kedere, 1 fún èyí tó hàn díẹ̀, 0 fún èyí tí kò sí rárá.

Bí wọ́n ṣe máa yan 40 yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá yàn láti orí, èyí tó dùn mọ́ ọn ni yóò rántí. Ẹni tó bá sì ń mú ẹyọ kan nínú mẹ́fà ní títò lè rò pé òun ti bọ́, àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni ìsọ̀ ń gbé jáde lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó sàn kí wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí ná. Nínú 240 yìí, 150 jẹ́ ìpolówó ọjà, 60 jẹ́ ìkíni, 22 jẹ́ àlàyé ìtọ́jú aṣọ, 8 péré sì jẹ́ èsì fún ẹni tó ń ráhùn. Wọ́n kọ nọ́ńbà àwọn ọ̀rọ̀ inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sórí bébà kéékèèké, wọ́n po ti ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀ nínú igbá, wọ́n sì fa ìpolówó 14, ìkíni 10 àti àlàyé 8. Àwọn èsì ìráhùn, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n kó, torí pé ibi tí inú ti ń bí èèyàn ni ohùn ti ń yí padà. Nítorí èyí, wọn kò gbọ́dọ̀ da máàkì gbogbo ìsọ̀rí pọ̀ mọ́ra, torí pé ìráhùn ti pọ̀ nínú 40 ju bó ṣe wà gan-an lọ.

Èèyàn méjì ló ń kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ti bo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkókò àti iye láìkì mọ́lẹ̀. Wo ẹyọ kan: “Àdírẹ́sì rẹ kò pé, ìdí nìyẹn tí ọjà rẹ ò fi dé. Fi èyí tó pé ránṣẹ́.” Òótọ́ gba 2, ó sọ ìdí náà láìfi bò. Ọ̀wọ̀ gba 0, “rẹ” ló wà níbẹ̀, kò sì sí ìkíni. Lórí sùúrù, ẹnì kìíní fún un ní 1 torí pé ó ṣàlàyé ìdí, ẹnì kejì fún un ní 0 torí pé bí àṣẹ ló ṣe dún.

Nínú máàkì 120 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀, 18 ni wọn kò ti fẹnu kò, 13 nínú rẹ̀ sì wà lórí sùúrù. Bí àìfẹnukò bá kóra jọ sójú kan báyìí, ìtumọ̀ tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ náà ni kò dúró, kì í ṣe àwọn òǹkàwé. Wọ́n tún un ṣe: sùúrù ni pé kí èsì sọ ohun tó kàn láti ṣe àti ìgbà tí yóò parí. Sùúrù nìkan ni wọ́n tún kà.

Ìpolówó, ìkíni àti àlàyé bá ohùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ mu dáadáa. Nínú èsì ìráhùn, márùn-ún gba 0 lórí ọ̀wọ̀. Ìgbà yìí ni wọ́n tó ṣí àkókò tí wọ́n bò: márààrún ló jáde lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, láti ọwọ́ ẹni tó ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ bó ṣe ń tẹ fóònù. Mẹ́jọ kò tó láti fi dá òṣìṣẹ́ lẹ́jọ́, àmọ́ ó tó láti fi yí ètò iṣẹ́ padà. Ìráhùn alẹ́ yóò máa gba “Ẹ kú alẹ́ o, a ti rí ọ̀rọ̀ yín, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la tó lù.” Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn yóò kó gbogbo èsì ìráhùn tuntun, wọn yóò sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n.