Ọsibítù Kàlàwúnù ní Káírò: ibi tí owó ìtọ́jú ti ń wá

Nígbà tí Úmárù, ọ̀kan lára àwọn tó sún mọ́ Ànọ́bì Mùhámmádù, ní ilẹ̀ kan ní Káíbárà ní ilẹ̀ Arébíà, ó lọ bá Ànọ́bì Mùhámmádù, ó ní òun kò tíì ní dúkìá tó dára tó o rí, kí ni kí òun fi ṣe? Ànọ́bì ní bó bá wù ú, kó di ilẹ̀ náà mú, kó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ yẹn kò ṣeé tà, kò ṣeé fi tọrẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè jogún rẹ̀. Àwọn tálákà, ẹbí, àlejò àti arìnrìnàjò ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tó ń mójú tó o náà lè jẹ níbẹ̀ níwọ̀nba. Orí ìtàn yìí ni àwọn onímọ̀ òfin Islam gbé ọ̀rọ̀ wákáfù kà, ìyẹn dúkìá tí a dì mú kí èrè rẹ̀ lè máa ṣe sàárà, wákáfù ló sì ń bọ́ ọsibítù tó lókìkí jù lọ ní Káírò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé lẹ́yìn náà.

Sùlútáànì Kàlàwúnù ló kọ́ ọ. Ẹrú ni wọ́n rà á, ẹgbẹ̀rún kan owó wúrà dínárì ni wọ́n san lórí rẹ̀, kó tó di ológun, kó sì gorí ìtẹ́ Íjíbítì. Wọ́n ní nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gágun, inú rírun dá a dùbúlẹ̀ ní Dàmásíkù, oògùn ọsibítù tí Núrúdíínì, ọba Síríà àtijọ́, dá sílẹ̀ níbẹ̀ ló sì wò ó sàn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá di ọba, òun yóò kọ́ irú rẹ̀ sí Káírò. Láàárín 1284 sí 1285, ó mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Ó kọ́ ọsibítù, ilé kéú àti ibojì ara rẹ̀ pọ̀ lójú kan, lórí ilẹ̀ ààfin àtijọ́. Ní ilé kéú náà ni wọ́n ti ń kọ́ òfin Islam ní ìlànà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn gan-an.

Ilé kíkọ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ohun tí yóò máa bọ́ ilé náà lọ́dọọdún ló ṣòro. Kàlàwúnù fi ọjà, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwẹ̀ àti ilé èrò sí abẹ́ wákáfù. Àwọn ayálégbé ń san owó ilé, alábòójútó ń gbà á. Àwọn òpìtàn ní owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sún mọ́ mílíọ̀nù kan díráámù fàdákà. Ìwé àdéhùn tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí ló sọ ohun tí owó náà wà fún: oúnjẹ, oògùn, owó oṣù dókítà, abẹ̀bẹ̀ fún aláìsàn nígbà ooru, àti ìsìnkú ẹni tó bá kú síbẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin, olówó àti tálákà, ẹrú àti ọmọlúwàbí tó lómìnira, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbà wọlé, kò sì sí iye ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹnikẹ́ni.

Òfin kan wà tí mo kà sí ọgbọ́n gidi: kí alábòójútó tó san owó oṣù ẹnikẹ́ni, àtúnṣe ló ń kọ́kọ́ yọ owó fún. Bí òrùlé ṣọ́ọ̀bù bá wó, ayálégbé yóò kó jáde, oògùn yóò sì tán ní ọsibítù kó tó pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wákáfù kan ń kú lọ, kó má wo ọsibítù náà, ilé tí wọ́n fi yáni ni kó lọ wò.

Ìfẹ́ Ọlọ́run nìkan kọ́ ló ń mú àwọn ọ̀gágun Íjíbítì ìgbà náà dá wákáfù sílẹ̀. Bí ọ̀gágun bá kú tàbí tí ọba bínú sí i, ọba lè gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ó ṣòro fún ọba láti gba dúkìá tó bá ti di wákáfù, ọmọ olóògbé sì lè jẹ́ alábòójútó rẹ̀, kó máa gba ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ibn Kàlídúnì, òpìtàn tó kọ́ni ní Káírò fúnra rẹ̀, kọ èyí sílẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí ilé ẹ̀kọ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílùú náà.

Ọ̀nà àbáyọ kan nínú òfin ló wá di ihò. Bí dúkìá wákáfù bá ti bàjẹ́ tí kò mú èrè wá mọ́, adájọ́ lè gbà kí wọ́n fi pààrọ̀ òmíràn tó sàn. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, òpìtàn Makirísì ráhùn kíkan lórí bí àwọn alágbára ṣe ń lo àǹfààní yìí. Bí ilé wákáfù kan bá wu ìjòyè Jamálúdíínì, ẹlẹ́rìí méjì yóò lọ jẹ́rìí pé ilé náà ń ṣe aládùúgbò àti èrò ọ̀nà ní ìpalára, adájọ́ yóò sì fọwọ́ sí pípààrọ̀ rẹ̀. Ilé tó lágbára bẹ́ẹ̀ di ti ìjòyè, ohun tí kò tó nǹkan ni wákáfù gbà.

Ọsibítù Kàlàwúnù rọ́jú kọjá gbogbo èyí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé dé Káírò ní 1798, aláìsàn díẹ̀ péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Lónìí, ọsibítù ojú ló wà lórí ilẹ̀ náà.