Èébú ẹ̀yà: ọ̀rọ̀ «inyenzi» ní Ruwáńdà

Èébú ẹ̀yà ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀yà tí a bí wọn sí, tí ẹ̀gàn sì ti wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí èébú lásán. Ẹni tí a pè ní ọ̀lẹ lè jiyàn, kí ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ẹni tí a bú mọ́ ẹ̀yà kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀, nítorí ìbí rẹ̀ ni a fi bú u, èébú náà sì kan bàbá, ìyá àti ọmọ rẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé «èmi kọ́», ńṣe ni ó dà bí ẹni gbà pé orúkọ náà tọ́ sí àwọn mìíràn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ṣàkíyèsí èyí: ìbáà jẹ́ ìbéèrè ni a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, ìbáà jẹ́ pé ńṣe ni a ń sẹ́, ẹ̀gàn inú rẹ̀ ṣì ń jáde.

Ní èdè Kinyarúwáńdà, aáyán ni «inyenzi». Hútù àti Tútsì ni ẹ̀yà méjì tí ó pọ̀ jù ní Ruwáńdà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orúkọ yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ ogun Tútsì tí wọ́n ti sá kúrò nílé, tí wọ́n ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé wá jà lóru, bí aáyán ti ń jáde nínú òkùnkùn. Jagunjagun ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí nígbà náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ológun RPF, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Tútsì tí ó wà nílẹ̀ òkèèrè, gbógun wọlé láti Ùgáńdà ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ọ̀rọ̀ náà tún gbòde, ṣùgbọ́n kò dúró sórí ológun mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ràn dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, olùkọ́ àti ọmọ ọwọ́, tí kò ju pé wọ́n jẹ́ Tútsì lọ. Ilé-iṣẹ́ rédíò RTLM ti àwọn Hútù alákatakítí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1993, ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ọgbọ́n inú àfiwé náà ni pé a kì í bá aáyán jagun. Títẹ̀ ni a ń tẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kì í sì í ka ara rẹ̀ sí apànìyàn. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje ọdún 1994, wọ́n pa àwọn Tútsì, àti àwọn Hútù tí kò fara mọ́ ìpànìyàn náà, ní ìpakúpa. Nǹkan bí 800,000 ni iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sábà ń dá.

Ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ Jean-Paul Akayesu, olórí ìjọba ìbílẹ̀ Taba ní Ruwáńdà, níwájú ilé-ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ìpakúpa náà ní Àrúṣà, ní Tàǹsáníà. Èdè Kinyarúwáńdà ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí ń sọ. Àwọn ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, wọn á tún ti Faransé mú un lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ kan lè tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́ «aáyán» kí ó má sì gbọ́ ikú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pe onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Mathias Ruzindana láti wá jẹ́rìí lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó jù kì í ṣe inyenzi pàápàá, bí kò ṣe «inkotanyi». Ajagun tí kì í ṣojo ni, orúkọ tí ó ti wà láti ayé àwọn ọba, tí RPF sì fi ń pe ara wọn tayọ̀tayọ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè kò lè rí èébú kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Akayesu dúró níwájú èrò ní Gishyeshye ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1994, tí ó ní kí wọ́n pawọ́ pọ̀ run ọ̀tá kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ìyẹn alátìlẹ́yìn Inkotanyi, ta ni ó ń bá wí? Bí olùtúmọ̀ bá kọ «ọmọ ogun», ó ti bo ìpè náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá kọ «Tútsì» níbi gbogbo tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó ti purọ́ mọ́ ẹni tí ó kàn ń sọ̀rọ̀ ogun, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sì lè sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n.

Àwọn adájọ́ kò fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo dè é. Ẹni tí ó sọ ọ́, ibi àti àkókò tí ó ti sọ ọ́, àti bí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣe gbà á ni wọ́n wò. Àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé Tútsì ni àwọn gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn adájọ́ náà rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrò ṣe gbọ́ ọ, àti pé Akayesu mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 wọ́n dá a lẹ́bi ìpẹ̀yàrun àti ti títi àwọn ènìyàn sí i ní gbangba. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére.