Nínú Ẹyin Kan, Ohun Méjì: Èyí Tó Ń Mú Dónọ́ọ̀tì Rọ̀ àti Èyí Tó Ń Mú Un Le

Bí dónọ́ọ̀tì bá le, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó dín in ni pé ẹyin rẹ̀ kò tó. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ìmọ̀ràn kan náà ni: fi ẹyin kún un. Ìmọ̀ràn yìí ti ba ìyẹ̀fun púpọ̀ jẹ́. Ohun méjì ló wà nínú èèpo ẹyin kan, iṣẹ́ wọn kò sì jọra rárá.

Bí a bá pín funfun ẹyin sí mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án jẹ́ omi, èyí tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ purotéènì nìkan. Purotéènì yìí máa ń dì bí iná bá ti mú un. Ẹni tó bá ti jẹ ẹyin bíbọ̀ mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Nínú dónọ́ọ̀tì, ó ń dì yí àwọn ihò tí yíìsì fi afẹ́fẹ́ kún ká, kí wọ́n má baà wó lulẹ̀. Díẹ̀ rẹ̀ dára. Bó bá pọ̀ jù, inú dónọ́ọ̀tì á gbẹ, á sì gan.

Pupa ẹyin ló ń mú nǹkan rọ̀. Bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi, bí ìdá kan nínú mẹ́ta sì jẹ́ ọ̀rá. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní lẹ́sítíìnì wà nínú ọ̀rá náà, òun sì ni alárinà. Omi àti bọ́tà kì í gbọ́ra wọn yé. Lẹ́sítíìnì á di omi mú lọ́wọ́ kan, á di ọ̀rá mú lọ́wọ́ kejì, títí ìdílé méjèèjì yóò fi jókòó sórí ẹní kan. Ọ̀rá á wá tàn káàkiri, á bo àwọn okùn inú ìyẹ̀fun, èyí tó ń fà bíi rọ́bà nígbà tí a bá ń pò ó, wọn kò sì ní lè so mọ́ra le jù. Ìdí nìyẹn tí dónọ́ọ̀tì tó ní pupa ẹyin fi lè rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdajì kílò ìyẹ̀fun tí a fẹ́ fi mílíìkì olómi 250 mílílítà pò. Ẹyin adìẹ òyìnbó ńlá méjì, láìsí èèpo, tó 100 gíráàmù, omi inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 75. Bí a kò bá dín mílíìkì kù, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹni tó ń pò ó á wá bu ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun àlékún yẹn ló ń mú dónọ́ọ̀tì le, ẹyin àìtó ni wọ́n á sì tún dá lẹ́bi. Tí ẹyin odindi méjì bá wọlé, kí mílíìkì jẹ́ 175. Èyí tó tún dára jù ni pupa méjì láìsí funfun, kí mílíìkì wà ní nǹkan bíi 235. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ kéré, nítorí náà ìwọ̀n ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe iye ẹyin.

Ní ti ṣinṣin, alárinà tó pọ̀ jù máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹyin bá tó mẹ́ta nínú ìdajì kílò, lára rẹ̀ á yọ́ sínú òróró, òróró á sì máa hó ìfóòfó títí yóò fi fẹ́ kún ìkòkò tí a fi ń dín in. Ṣinṣin náà kò ní ró kàkà mọ́, á dà bí kéèkì. Ẹyin kan tó.

Pípọ́n wá ńkọ́? Purotéènì ẹyin àti ṣúgà inú ìyẹ̀fun àti mílíìkì ló ń bára wọn ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣe é dáadáa títí ojú òde yóò fi gbẹ, tí ìgbóná rẹ̀ á sì kọjá bíi 140°C. Ibi tí ẹ̀tàn wà ni pé ìyẹ̀fun ẹlẹ́yin tètè ń pọ́n, àwọ̀ pupa ẹyin fúnra rẹ̀ sì tún ń fi kún un. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí iná, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Kí òróró wà ní nǹkan bíi 170°C, kí a sì fa ọ̀kan ya kí a tó kó ìyókù jáde.

Pọfu-pọfu kò nílò ẹyin rárá. Omi àti yíìsì ló ń mú un rọ̀. Èyí tí kò ní ẹyin, bí a bá fà á ya, á nà gùn kó tó já. Èyí tí ẹyin ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ á já lójijì, á sì máa rún wẹ́wẹ́ bíi kéèkì.